Títú àpò oògùn àgbàlagbà pẹ̀lú kámẹ́rà fóònù: nǹkan mọ́kàndínlógún, èròjà kọ̀ọ̀kan

Ohun tó wà nílẹ̀ ni àpò kan tí nǹkan 19 wà nínú rẹ̀. Ìyá ẹni ọdún 78 ló ni ín. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti oríkèé ríro ló ń bá wọn fínra. Dókítà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń kọ oògùn fún wọn, àwọn ọmọ sì ń ra tiwọn kún un. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí á mọ ohun tó wà nínú àpò, kí á mọ èyí tó ń wọ ẹnu wọn lóòótọ́, kí á sì kó gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé kan tí apòògùn lè kà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Dídá oògùn dúró tàbí dídín in kù kò sí nínú iṣẹ́ yìí. Ìyẹn di ọwọ́ dókítà àti apòògùn.

Nínú àkọsílẹ̀ yìí, orúkọ oògùn tó wà nínú tábìlì àti lára fáìlì ni a kọ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lára páálí. Nínú àlàyé, a kọ ọ́ bí a ṣe ń pè é lẹ́nu.

Kí á tó tú u sílẹ̀

Ohun tí ọwọ́ máa ń yá sí ni kí èèyàn da àpò náà sórí tábìlì, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ti ẹ̀jẹ̀ ríru sápá kan, ti ìrora sápá kejì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àwọn oògùn ṣe tò nínú àpò ń sọ̀rọ̀. Èyí tó wà lókè, tí páálí rẹ̀ ti rún, tí rọ́bà wà lára rẹ̀, ni èyí tí ọwọ́ ń tọ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lè ti pé ọdún méjì níbẹ̀. Nítorí náà, fọ́tò àkọ́kọ́ ni ti àpò náà ní ṣíṣí, láti òkè, kí ọwọ́ tó kàn án. Lẹ́yìn náà ni a ń mú wọn jáde níkọ̀ọ̀kan, láti òkè lọ sísàlẹ̀, a sì ń fún wọn ní nọ́ńbà bí wọ́n ṣe ń jáde.

Káàdì tó ti ṣófo kì í ṣe ìdọ̀tí ní ìpele yìí. Méjì nínú àpò yìí ló wá sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ, a ó dé ibẹ̀.

Ohun èlò kò pọ̀: tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ dúdú tí kò ń dán, rúlà, tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, àti bébà tí a gé wẹ́wẹ́, tí a fi gègé tó nípọn kọ 01 títí dé 25 sí. Ẹ nu ojú kámẹ́rà fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Òróró ọwọ́ tó wà níbẹ̀ ló ń mú kí lẹ́tà kéékèèké rí bí ẹni pé kùrukùru bò ó, èèyàn á sì máa rò pé kámẹ́rà ni kò dára.

Fọ́tò mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ìkíní ni iwájú páálí, níbi tí orúkọ ńlá wà. Ìkejì ni ibi tí wọ́n ti kọ èròjà àti agbára rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Ìkẹta ni ọjọ́ ìbàjẹ́ àti nọ́ńbà ìpín tí wọ́n ti ṣe é, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ `EXP` àti `LOT` tàbí `BATCH` sí. Ìkẹrin ni ìwé pélébé tí apòògùn lẹ̀ mọ́ ọn, tó sọ iye tí wọn yóò lò, ọjọ́ tí wọ́n fi fún wọn àti iye hóró tí wọ́n kà fún wọn. Bí kò bá sí ìwé pélébé, ẹ fi fọ́tò ẹ̀yìn páálí dípò rẹ̀, kí ó hàn pé ẹ wò ó, ẹ ò sì rí nǹkan kan.

Bébà nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo fọ́tò, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan. Ìdí ni pé èèyàn á tún fọ́tò kan yà nítorí pé kò hàn, fóònù á sì tò ó sẹ́yìn gbogbo èyí tó ṣáájú. Bí nọ́ńbà kò bá sí nínú rẹ̀, ọjọ́ ìbàjẹ́ oògùn kan á wá di ti oògùn míì, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. A ya gbogbo fọ́tò náà tán. Ó gbà tó wákàtí kan àti ààbọ̀, ìdajì àkókò náà sì lọ sórí ọjọ́ ìbàjẹ́ ara káàdì nìkan.

Ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo ìṣòro

Ẹ̀yìn káàdì oògùn dà bíi dígí. Bí fíláàṣì bá tàn sí i, ìmọ́lẹ̀ á padà sínú kámẹ́rà, á sì fi àmì funfun bo ibi kan lára ọ̀rọ̀ náà. Ewu rẹ̀ kò sí nínú pé ọ̀rọ̀ náà parẹ́, nítorí ẹni tí kò rí nǹkan kan á tún un yà. Ewu rẹ̀ ni pé ìdajì rẹ̀ ń parẹ́. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́ tí a ya fún nọ́ńbà 16, oṣù ìbàjẹ́ rẹ̀ hàn bí `08`. Nígbà tí a pa fíláàṣì, ó di `03`: ìlà tó dán lára káàdì náà ló ti so apá òsì 3 náà pọ̀, tó sọ ọ́ di 8. Oṣù márùn-ún ni ìyàtọ̀ wọn, ọjọ́ ìbàjẹ́ náà sì ti kọjá pátápátá.

Ẹ pa fíláàṣì. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán wá láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Fún ọjọ́ ìbàjẹ́ tí wọ́n tẹ̀ wọnú etí káàdì láìlo yíǹkì, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán pàápàá kò tó. Ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ sórí tábìlì fúnra rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rá kọjá lórí káàdì náà bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe ń rá kọjá lórí ebè. Ibi tí wọ́n tẹ̀ wọlé á ní òjìji, nọ́ńbà á sì yọ. Ẹ yí káàdì náà díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo nọ́ńbà fi yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà míì apá kan máa ń yọ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ọwọ́ òsì wá, apá kejì nígbà tó bá ti ọwọ́ ọ̀tún wá, ẹ sì lè nílò fọ́tò méjì.

Ẹ má sì gbé fóònù sún mọ́ ọn jù. Bó bá ti sún mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ, kámẹ́rà kò ní lè mú un, òjìji fóònù náà á tún bò ó. Ẹ dúró ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fà á sún mọ́ ìlọ́po méjì lójú fóònù, ẹ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà kí kámẹ́rà mọ ibi tí yóò wò. Kí ẹ tó gbé oògùn náà kúrò, ẹ ṣí fọ́tò náà, ẹ fẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Bí ẹ kò bá lè kà á nísinsìnyí, ẹ kò ní lè kà á lọ́la.

Ọjọ́ ìbàjẹ́ tó jẹ́ oṣù àti ọdún nìkan túmọ̀ sí ìparí oṣù náà. Ẹ má ṣe kà á mọ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, tí wọ́n máa ń kọ `MFG` sí. Àwọn méjèèjì sábà máa ń wà lórí ara wọn, ìlà kan sísàlẹ̀ ìkejì.

Páálí tí kò bá inú rẹ̀ mu

Nọ́ńbà 02 ni páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lára páálí náà, wọ́n kọ `amlodipine 5 mg`. Orúkọ yìí kan náà ni àwọn ọmọ ti kọ sínú ìwé wọn, 5 mg láràárọ̀. Nígbà tí a fa káàdì inú rẹ̀ yọ, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni 10 mg.

Èyí kì í ṣe àṣìṣe ilé iṣẹ́ kankan. Nínú ilé ló ti ń ṣẹlẹ̀. Agbára oògùn yí padà, páálí tuntun ya tàbí ó kún àpò jù, ẹnì kan sì ki káàdì tuntun sínú páálí àtijọ́ nítorí pé ìwé apòògùn tó sọ bí wọ́n ṣe máa lò ó ṣì wà lára rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo páálí ni a gbọ́dọ̀ tú, káàdì inú rẹ̀ sì gba fọ́tò tirẹ̀. A ń pe páálí ní 02, a sì ń pe káàdì tí kò bá a mu ní 02B. Bí àwọn méjèèjì kò bá sọ ohun kan náà, ohun tó wà lára káàdì ni a ń kọ sínú tábìlì, nítorí òun ló sún mọ́ ẹnu jù.

Èyí tí kò ní orúkọ

Nọ́ńbà 11 jẹ́ ègé káàdì tí wọ́n fi sáàsì gé, hóró mẹ́rin ló kù nínú rẹ̀, orúkọ àti ọjọ́ ìbàjẹ́ sì ti bá apá kejì lọ. Nọ́ńbà 12 jẹ́ àpòòwé tí hóró méje wà nínú rẹ̀, oríṣi mẹ́ta.

Fún ègé káàdì, ẹ wo etí tí wọ́n gé. Ìdajì ọ̀rọ̀ sábà máa ń kù. Ẹ fi wé àwọn káàdì ṣíṣófo tó wà nínú àpò náà: bí etí méjèèjì bá wọ ara wọn, tí lẹ́tà tó já sì pé, ó ti ní orúkọ. Nọ́ńbà 11 wọ ara káàdì díkílófẹ́nààkì, oògùn ìrora kan, tó ti ṣófo. Bí a bá ti da káàdì ṣíṣófo náà nù ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì bá tí ní orúkọ títí di òní.

Fún hóró tó wà lásán, ẹ ya ojú méjèèjì rẹ̀ lórí aṣọ dúdú pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì lo tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára lè yọ. Lẹ́tà yẹn ni apòògùn lè fi wá a. Àwọ̀ àti bó ṣe rí kò tó. Hóró funfun róbótó tó fẹ̀ ní mílímítà mẹ́jọ lè jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti àtọ̀gbẹ tàbí ti àìróorun. “Ó jọ ti ìgbà yẹn” kì í ṣe ìdáhùn, àní bó bá jẹ́ pé ẹni tó ni oògùn ló sọ ọ́. Nínú oríṣi mẹ́ta náà, ọ̀kan ní lẹ́tà tó hàn, méjì kò ní. Àwọn tí kò ní lẹ́tà lọ sínú àpò ìdáǹù lójú ẹsẹ̀, ìkan yòókù náà sì tẹ̀ lé wọn nígbà tó yá, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ ìbàjẹ́ rẹ̀.

Tábìlì: ìlà kan fún èròjà kan

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á fún páálí kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan, wọ́n á kọ orúkọ ńlá iwájú rẹ̀, tábìlì náà á sì mọ́ tónítóní láìfi nǹkan kan han ẹnikẹ́ni. Orúkọ ńlá ni ti ẹni tó ń tà á. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara ni èròjà. Bí páálí kan bá ní èròjà méjì, ìlà méjì ni yóò gbà, pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà.

Nọ́ńbà 06 ni àpẹẹrẹ tó yé jù. Iwájú rẹ̀ sọ pé `Exforge 5/160`. Ẹni tó bá kà á lásán á rò pé oògùn kan ni. Ṣùgbọ́n ìlà `/` ni àmì ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ dúró: ó ń sọ pé èròjà méjì ló wà níbẹ̀, 5 mg àmílódípíìnì àti 160 mg fasatáànì, tí òun náà jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọ inú tábìlì, tí a sì to ó nípa òpó èròjà láti A lọ, èyí ni apá tó yẹ ní wíwò:

```
nomba,eroja,agbara,lilo
16,acetaminophen,500 mg,?
02B,amlodipine,10 mg,aaro
06,amlodipine,5 mg,aaro
05,diclofenac,50 mg,irora
11,diclofenac,50 mg,irora
13,diclofenac,1%,fifi ra
07,furosemide,40 mg,aaro
01,metformin,500 mg,aaro ati ale
10,metformin,500 mg,ko tii si
03,paracetamol,500 mg,irora
08,paracetamol,500 mg,ofinkin
06,valsartan,160 mg,aaro
```

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́. `acetaminophen` ni orúkọ míì tí parasitámọ́ọ̀lù ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀, ó sì jù ú sókè pátápátá, ó jìnnà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ni `frusemide` àti `furosemide`. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé orúkọ èròjà, bíi `besilate` tàbí `sodium`: bí ẹ bá kọ ọ́ mọ́ orúkọ nínú òpó èròjà, oògùn kan náà á pín sí méjì. Ẹ fi orúkọ kan ṣoṣo sínú òpó náà, kí ẹ sì gbé ìyókù lọ sí òpó àlàyé.

Òpó agbára ní ìdẹkùn tirẹ̀. `mcg` kì í ṣe `mg`. Ẹgbẹ̀rún kan `mcg` ló wà nínú `mg` kan. Lára oògùn olómi, `120 mg/5 mL` túmọ̀ sí iye tó wà nínú mílílítà márùn-ún, kì í ṣe nínú ìgò. Bí lẹ́tà bíi `SR`, `XR`, `MR` tàbí `LA` bá tẹ̀ lé orúkọ, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú, torí oògùn tó ń tú díẹ̀díẹ̀ ni, a kì í fọ́ ọ, a kì í sì í lọ̀ ọ́.

Èyí tó wà nínú àpò àti èyí tó ń wọ ẹnu

Méjì nínú tábìlì kì í ṣe méjì lẹ́nu nígbà gbogbo. Nọ́ńbà 01 àti 10 jẹ́ mẹtifọ́mììnì kan náà, oògùn àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ṣí 10. Ìpamọ́ lásán ni, kò sì ní ewu kankan.

Láti mọ ohun tó ń wọ ẹnu, ẹ má ṣe béèrè pé, “Màmá, ṣé ẹ ń lo èyí?” Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn rẹ̀, fún gbogbo mọ́kàndínlógún. Kò sí àgbà tó fẹ́ kí ọmọ òun bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí òun lẹ́nu wò. Ohun tó ń mú òótọ́ jáde ni kí ẹ gbé àpò náà fún wọn, kí ẹ ní: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ṣe lò ó láàárọ̀ òní, ẹ bá mi tò ó jáde.” Ọwọ́ wọn á ṣe é fúnra rẹ̀. Wọ́n tò mẹ́rin: 02, 06, 07 àti 01. Nígbà tí a ní kí wọ́n to ti alẹ́, wọ́n ní, “Kò sí ti alẹ́ kankan.”

Kíkà hóró ló jẹ́rìí sí i. Ìwé pélébé ara 01 sọ pé hóró 60 ni wọ́n fún wọn, ọ̀kan láàárọ̀ àti ọ̀kan lálẹ́, ó sì ti pé ogún ọjọ́. Ó yẹ kí 40 ti lọ, kí 20 kù. 41 ló kù. Ìyẹn ni pé 19 péré ló lọ, ọ̀kan lóòjọ́, ti alẹ́ kò sì wọlé rí. Bí ọjọ́ kan bá yẹ̀, ìgbàgbé ni. Bó bá jẹ́ pé gbogbo alẹ́ ló ń yẹ̀, ìdí kan wà, èyí tí dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó rò pé oògùn náà kò ká ṣúgà wọn, kó sì fi òmíràn kún un. Nọ́ńbà 06 ní tirẹ̀ jẹ́ hóró 28 tí wọ́n fún wọn ní ogún ọjọ́ sẹ́yìn, mẹ́jọ ló kù, ó pé gẹ́lẹ́. Ẹ má gbàgbé láti ka ohun tó wà nínú àpótí oògùn ọlọ́jọ́ méje bí wọ́n bá ní in, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìṣirò yín á fi hàn pé wọ́n ń lò ó kọjá iye.

Ohun tó jáde

Àmílódípíìnì kọ́kọ́ jáde. Lójú ìwé àwọn ọmọ, 5 mg ni wọ́n ń lò. Lójú páálí, kò sí àkọlé kankan tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n 10 mg láti 02B àti 5 mg láti 06 ló ń wọlé láràárọ̀, 15 mg, nígbà tó jẹ́ pé 10 mg ni òpin rẹ̀ lóòjọ́ fún àgbàlagbà. Dókítà kan kọ ọ̀kan, dókítà kejì kọ ìkejì lábẹ́ orúkọ míì, kò sì sẹ́ni tó rí méjèèjì pa pọ̀.

Ó sì ní ìrù. Àmílódípíìnì máa ń jẹ́ kí kókósẹ̀ wú, bó bá sì ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe ń wú tó. Ó ń ṣí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, omi á sì máa jò díẹ̀díẹ̀ láti inú wọn sínú ẹran ẹsẹ̀. Nọ́ńbà 07, fúrósẹ́máìdì, oògùn tó ń mú ni tọ̀, ni wọ́n kọ fún ẹsẹ̀ wíwú. Ẹ fi ọjọ́ ara ìwé pélébé wọn wé ara: lẹ́yìn 06 ni 07 wọlé. Fọ́tò ìkẹrin ló fi èyí hàn, nítorí òun nìkan ló ní ọjọ́ lára. Oògùn kan ń fa wíwú, a sì ń fi oògùn kejì lépa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fúrósẹ́máìdì kì í fi bẹ́ẹ̀ mú irú wíwú yìí, nítorí kì í ṣe pé kíndìnrín há omi mọ́lẹ̀.

Díkílófẹ́nààkì ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, òun sì ni kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Kò ní ìwé pélébé, wọn kò kọ ọ́ fún wọn, ẹni kan ló rà á fún orúnkún. Káàdì ṣíṣófo méjì tó wà nísàlẹ̀ àpò àti ègé nọ́ńbà 11 ló sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó léraléra tó. Ní ìpàdé pẹ̀lú fasatáànì àti fúrósẹ́máìdì, kíndìnrín ló ń jìyà rẹ̀. Fúrósẹ́máìdì ń dín omi ara kù. Díkílófẹ́nààkì ń fún ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú asẹ́ kíndìnrín pọ̀. Fasatáànì ń ṣí ẹnu ọ̀nà àbájáde rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń wọlé dín kù, ohun tó ń jáde kò ní ìdíwọ́, agbára tó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú asẹ́ náà sì wó lulẹ̀. Kì í dun èèyàn. Ìtọ̀ lè dín kù, ó lè rẹ ẹni náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ fi hàn.

Ti parasitámọ́ọ̀lù kéré. Hóró 500 mg méjì lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ jẹ́ 4 g, òpin rẹ̀ nìyẹn fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, nọ́ńbà 08 tó wà fún ọ̀fìnkìn sì ní 500 mg nínú hóró kọ̀ọ̀kan. A kọ sára 08 pé kò gbọ́dọ̀ bá 03 rìn.

Ewé kan fún apòògùn

Ohun tí a fi ránṣẹ́ kì í ṣe gbogbo fọ́tò náà. Ewé kan ni: lókè rẹ̀, ọjọ́ orí, àìsàn tí wọ́n ń tọ́jú, oògùn tí ara wọn kọ̀; láàárín rẹ̀, àwọn mẹ́rin ti àárọ̀ àti díkílófẹ́nààkì ti “nígbà tó bá ń dùn wọ́n”; nísàlẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta péré, tí nọ́ńbà fọ́tò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Fọ́tò tó bá àwọn ìbéèrè náà rìn jẹ́ mẹ́jọ. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bíi fọ́tò, nítorí ẹ̀rọ ìfìwéránṣẹ́ máa ń fún fọ́tò pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, lẹ́tà tí ẹ ti fi tọ́ọ̀ṣì wá rí á sì tún parẹ́ lọ́nà. Orúkọ fáìlì wa rí báyìí: `06_exforge_5-160_exp.jpg`. A fi bébà bo orúkọ àti àdírẹ́sì tó wà lára ìwé pélébé kí a tó ya èyí tó ń jáde kúrò nínú ilé.

A kò dúró de ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni a pe apòògùn nítorí ìlà àmílódípíìnì àti díkílófẹ́nààkì, òun náà sì pe dókítà. A kò dá nǹkan kan dúró fúnra wa kó tó dáhùn: àwọn oògùn kan wà tí dídá wọn dúró lójijì léwu ju lílò wọn lọ, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi ojú páálí mọ̀ wọ́n.

Àṣẹ tó padà wá láti ọ̀dọ̀ dókítà ni pé kí 02B dúró, kí 06 máa bá a lọ, kí hóró díkílófẹ́nààkì kúrò nílé pátápátá, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín àti pọtásíọ̀mù kí ó tó sọ ohunkóhun nípa 07, kí a sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje. Ti mẹtifọ́mììnì, ó béèrè ìdí tí ti alẹ́ fi ń yẹ̀. Inú ló ń dà wọ́n rú bí wọ́n bá lò ó láìjẹun tán, wọn kì í sì í jẹun alẹ́ púpọ̀. Ó ní kí wọ́n máa lò ó ní àárín oúnjẹ. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn èyí ni dókítà náà dá 07 dúró.

Ohun tó kù nílẹ̀

Oògùn ojú, nọ́ńbà 09, ti ṣí, kò sì sí ọjọ́ lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn tí a ń kán sójú kì í kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ṣíṣí, ohun yòówù kí `EXP` sọ. A gba tuntun, a sì fi gègé kọ ọjọ́ tó ṣí sára ìgò náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe sára páálí tó máa sọnù.

Nǹkan mẹ́fà ló padà sọ́dọ̀ apòògùn fún dídànù. Níbi tí apòògùn kò bá gbà á, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú káàdì, ẹ pò ó mọ́ erùpẹ̀ tàbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí tí a ti sẹ́, ẹ dì í pinpin sínú ọ̀rá kó tó wọ inú ìdọ̀tí, kí ọmọdé tàbí ẹran má bàa rí i jẹ. Ẹ má dà á sínú omi. Ẹ ya orúkọ kúrò lára páálí.

Fọ́tò àwọn tó ti lọ ṣì wà nínú fóònù, a kọ `_danu` mọ́ orúkọ fáìlì wọn, nítorí dókítà lè béèrè ohun tí wọ́n lò ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Páálí tuntun tó bá wọlé máa ń gba fọ́tò mẹ́rin tirẹ̀ kó tó wọ inú àpò, nọ́ńbà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 20. A kì í tún nọ́ńbà àtijọ́ lò. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn iṣẹ́ yìí ni mẹtifọ́mììnì míì, 850 mg dípò 500, nínú páálí tó jọ ti àtijọ́ gan-an. Òun ni nọ́ńbà 20, kò sì wọ inú àpò títí dókítà fi sọ pé òun ló yí i padà.